Ìwé Àtakò Onílé: Nígbà Tí Iléeṣẹ́ Owó-orí Bá Ṣi Owó Ilé Kà

Ìwé tí onílé máa ń kọ pé kí iléeṣẹ́ owó-orí tún ìṣirò owó ilé òun ṣe kì í ṣe ìwé ẹ̀bẹ̀. Òfin mọ̀ ọ́n, ó fún un ní gbèdéke, ó sì sọ ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Òfin Owó-orí Ẹni Kọ̀ọ̀kan ti Nàìjíríà, tí wọ́n lò títí di ìparí ọdún 2025, sọ pé ẹni tí kò bá fara mọ́ iye tí wọ́n bù fún un lè kọ̀wé àtakò sí iléeṣẹ́ tó bù ú. Ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ láàárín 30 ọjọ́ sí ọjọ́ tí ìwé ìṣirò náà tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kó sì sọ ìdí àtakò rẹ̀ pàtó. Àwọn òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 kò yí 30 ọjọ́ yẹn padà. Bí ọjọ́ náà bá kọjá láìsí àtakò, iye tó wà nínú ìwé ti di gbèsè, ì báà jẹ́ òótọ́ ì báà jẹ́ àṣìṣe.

Bí àṣìṣe ṣe ń wọ inú ìwé ìṣirò kò ṣòro láti mọ̀. Gbogbo ẹni tí owó ilé ń wọlé fún ló yẹ kó fi àkọsílẹ̀ owó ọdún tó kọjá ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ owó-orí ìpínlẹ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ 31 oṣù kẹta tó kọjá. Ọ̀pọ̀ onílé kì í ṣe é, pàápàá àwọn àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n gbà pé nígbà tí àwọn ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ọ̀rọ̀ owó-orí ti parí. Nígbà tí iléeṣẹ́ náà kò bá rí àkọsílẹ̀, tàbí tí kò bá gba èyí tó rí gbọ́, òfin fún un láṣẹ láti fojú dá iye tó rò pé ó wọlé. Ohun tó fi ń dá a lè jẹ́ iye fúláàtì tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kà nígbà tí wọ́n yẹ ilé wò, tàbí iye tí wọ́n ń gba ilé ládùúgbò, tàbí ìwé báǹkì onílé fúnra rẹ̀, nítorí pé òfin gbà wọ́n láyè láti béèrè lọ́wọ́ báǹkì. Òṣìṣẹ́ tó wà nídìí ìwé báǹkì náà kò mọ èyí tó jẹ́ owó ilé àti èyí tó jẹ́ owó dísẹ̀lì tí àwọn ayálégbé dá jọ. Ó kàn ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni.

Kí onílé tó mú bírò, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ irú ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Èkó, owó orí ilẹ̀ àti ilé tí wọ́n ń san lọ́dọọdún, tí òfin ọdún 2018 àti ti 2020 tò, dá dúró lọ́tọ̀. Iye tí ilé náà tó ni wọ́n fi ń ṣírò ìyẹn, kì í ṣe iye tó wọlé, ibòmíràn ni wọ́n sì ti ń gbọ́ ẹ̀hónú lórí rẹ̀. Ẹni tó bá kó ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo máa ń fi ọjọ́ 30 rẹ̀ ṣòfò, nítorí pé iléeṣẹ́ tó gba ìwé náà lè sọ pé kò kan òun.

Ohun kejì tó yẹ kó wò ni ìpínlẹ̀ tó kọ̀wé sí i. Ibi tí èèyàn ń gbé ló ń pinnu ìpínlẹ̀ tó máa gba owó-orí lórí owó ilé rẹ̀, kì í ṣe ibi tí ilé náà wà. Ìyá tó ń gbé ní Ìbàdàn ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, tó sì ní ilé fúláàtì mẹ́rin ní Ìkòròdú, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló yẹ kó sanwó fún lórí owó ilé Ìkòròdú náà. Bí Èkó bá kọ̀wé sí i nítorí pé ibẹ̀ ni ilé wà, ìdí àtakò rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ, ẹ̀rí rẹ̀ kò sì ju ìwé tó fi hàn pé Ìbàdàn ló ń gbé àti rìsíìtì owó-orí tó san ní Ọ̀yọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ onílé tí wọ́n sanwó lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé wọn kò mọ̀ ọ́n.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù, tó sì gba àlàyé jù, ni ti onílé tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ tó yẹ, tó jẹ owó-orí lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bu iye tó ju tirẹ̀ lọ fún. Àpẹẹrẹ kan á jẹ́ kí ó yé. Bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní ilé fúláàtì mẹ́fà ní ìgbèríko Èkó, òun náà sì ń gbé ní Èkó. Ní ọdún 2024, ìdílé mẹ́rin ń gbé fúláàtì mẹ́rin ní ₦900,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Iléeṣẹ́ kékeré kan ya fúláàtì ìsàlẹ̀ tó kọjú sí títì ní ₦1,200,000. Fúláàtì kẹfà ṣófo láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, nítorí pé páìpù inú ògiri rẹ̀ bẹ́, omi sì ba sílíìnì àti àwọn wáyà iná jẹ́. Bàbá náà kò fi àkọsílẹ̀ kankan ránṣẹ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2025, wọ́n gbé ìwé ìṣirò wá fún un: owó ilé tó wọlé, ₦7,480,000, owó-orí, ₦1,180,160.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó wà níwájú rẹ̀ ni láti mọ ibi tí wọ́n ti rí ₦7,480,000. Èyí ni ọ̀pọ̀ onílé máa ń fò. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé owó náà pọ̀ jù, pé nǹkan le, pé owó ìfẹ̀yìntì kò tó jẹun. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jẹ́ ìdí àtakò lábẹ́ òfin, nítorí pé kò sí èyí tó fi ibi tí ìṣirò ti yẹ̀ hàn. Onílé lè lọ sí ọ́fíìsì náà kó ní kí wọ́n fi ìpìlẹ̀ iye tí wọ́n lò han òun. Ó sì lè gba ìwé báǹkì rẹ̀ fún ọdún náà, kó ro gbogbo owó tó wọlé pọ̀, kó wò ó bóyá á bá iye wọn mu. Nígbà tí bàbá yìí ro tirẹ̀, ó bá a mu géẹ́: iye gbogbo owó tó wọ báǹkì rẹ̀ ní 2024 ni wọ́n pè ní owó ilé.

Ó wá jókòó ti ìwé báǹkì náà pẹ̀lú bírò pupa, ó ń kọ ohun tí owó kọ̀ọ̀kan jẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Owó àwọn ìdílé mẹ́rin jẹ́ ₦3,600,000. Iléeṣẹ́ ìsàlẹ̀ san ₦1,080,000 dípò ₦1,200,000, nítorí pé òfin ní kí iléeṣẹ́ tó bá ya ilé yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kó sì san án fún ìjọba ní orúkọ onílé. ₦120,000 tí wọ́n yọ yẹn jẹ́ owó-orí tó ti san ṣáájú. Àwọn ayálégbé márààrún dá ₦240,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan fún dísẹ̀lì jẹnẹrétọ̀, owó ọlọ́dẹ, owó kólẹ̀kólẹ̀ àti àtúnṣe ẹ̀rọ omi. Ìyẹn jẹ́ ₦1,200,000. Ayálégbé tuntun kan san owó káṣọ̀nù ₦100,000, èyí tó máa gbà padà ní ọjọ́ tó bá kó jáde láìba nǹkan jẹ́. Ìyókù, ₦1,500,000, ni owó tó yá nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ láti fi pààrọ̀ òrùlé.

Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ₦7,480,000 náà ni. Ṣùgbọ́n owó ilé gan-an tó jẹ́ ti ọdún 2024 kò ju ₦4,800,000 lọ: ₦3,600,000 ti àwọn ìdílé àti ₦1,200,000 ti iléeṣẹ́ náà. Kí ẹni tó ń kọ̀wé ṣàkíyèsí pé ₦1,200,000 ló kọ fún iléeṣẹ́ náà, kì í ṣe ₦1,080,000 tó wọ báǹkì. Bó bá kọ iye tó wọ báǹkì, tó sì tún ní kí wọ́n yọ ₦120,000 kúrò nínú owó-orí òun, ó ti yọ owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì, òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ á sì rí i lójú ẹsẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, kò ní gba àwọn iye yòókù gbọ́ mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ìnáwó tí òfin gbà kí a yọ. Àtúnṣe jẹ́ ọ̀kan: bàbá náà ná ₦450,000 lórí páìpù tó bẹ́, kíkùn ògiri àti àtúnṣe iná. Owó àjẹ́ńtì tó ń bá a gba owó ilé, ₦240,000, náà wà níbẹ̀. Òrùlé ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Àwọn páànù tó ti dógùn-ún ló kó sọ̀ kalẹ̀ pátápátá, tó yí ìgi òrùlé padà, tó sì fi aluminiọ́mù tuntun bò ó. Ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe mọ́ lójú òfin owó-orí, ó ti sọ ilé náà di èyí tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ kò sì ṣeé yọ kúrò nínú owó ọdún kan bí ìgbà tí èèyàn lẹ páànù méjì tó ń jò. Bàbá náà fi í sílẹ̀, kò béèrè rẹ̀. Ọgbọ́n gidi ló lò, nítorí pé ìwé àtakò tó bá béèrè ohun tí kò tọ́ máa ń jẹ́ kí wọ́n fura sí èyí tó tọ́.

Ìṣirò rẹ̀ wá lọ báyìí. ₦4,800,000 dín ₦690,000 ìnáwó jẹ́ ₦4,110,000. Lábẹ́ òfin tó ń ṣiṣẹ́ fún ọdún 2025, ìjọba máa ń yọ owó ìdẹ̀rùn fún olúkúlùkù kí wọ́n tó bu owó-orí: ₦200,000, àti ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún iye tó wọlé. Tirẹ̀ jẹ́ ₦1,022,000, èyí tó ku ₦3,088,000 sílẹ̀. Ìpele ìpele ni wọ́n ń bu owó-orí lórí ìyẹn, láti ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lórí ₦300,000 àkọ́kọ́ títí dé ìdá mọ́kànlélógún lórí ibi tí owó tirẹ̀ dé. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦536,480. Bí a bá yọ ₦120,000 tí iléeṣẹ́ ìsàlẹ̀ ti san fún un, ₦416,480 ló kù tó jẹ. Wọ́n ti bu ₦763,680 lé e lórí ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìwé tó kọ kò gùn. Ní ọ́fíìsì, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń fi kọ irú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe rí nìyí:

*Sí Alága Àgbà, Iléeṣẹ́ Owó-orí ti Ìpínlẹ̀.*

*Ọjọ́ 9 oṣù kẹfà ọdún 2025.*

*ÌWÉ ÀTAKÒ SÍ ÌṢIRÒ OWÓ-ORÍ ỌDÚN 2025. Nọ́ńbà asanwó-orí àti nọ́ńbà ìwé ìṣirò náà wà lókè ìwé yìí.*

*Ẹ̀yin alàgbà, ìwé ìṣirò yín tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2025. Mo ń tako ìṣirò náà lábẹ́ òfin, mo sì ń béèrè pé kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ sì tún un ṣe. Àwọn ìdí mi nìyí.*

*Ìkíní: iye ₦7,480,000 tí ẹ pè ní owó ilé jẹ́ àpapọ̀ gbogbo owó tó wọ àkáǹtì mi ní 2024. ₦1,200,000 nínú rẹ̀ jẹ́ owó ìtọ́jú ilé tí àwọn ayálégbé dá, tí a sì ná tán lórí ohun tí wọ́n dá a fún. ₦100,000 jẹ́ káṣọ̀nù tí mo máa dá padà. ₦1,500,000 jẹ́ owó tí mo yá. Kò sí èyí tó jẹ́ owó ilé nínú wọn.*

*Ìkejì: owó ilé tó jẹ́ tèmi jẹ́ ₦4,800,000, láti fúláàtì márùn-ún. Fúláàtì kẹfà ṣófo ní gbogbo ọdún náà.*

*Ìkẹta: ẹ kò yọ ₦450,000 tí mo fi ṣe àtúnṣe àti ₦240,000 tí mo san fún àjẹ́ńtì.*

*Ìkẹrin: ẹ kò ka ₦120,000 tí ayálégbé mi yọ tó sì san fún yín ní orúkọ mi sí mi lọ́rùn.*

*Ìṣirò mi wà nínú ìwé tí mo so mọ́ èyí. Ó fi hàn pé ₦416,480 ló kù tí mo jẹ. Mo ti san án, ẹ̀dà rìsíìtì rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ń béèrè pé kí ẹ fagi lé iye ₦1,180,160, kí ẹ sì fún mi ní ìwé ìṣirò tuntun. Mo ṣe tán láti wá pẹ̀lú ojúlówó àwọn ìwé wọ̀nyí ní ọjọ́ tí ẹ bá pè mí.*

Ohun mẹ́ta nínú ìwé yìí ló yẹ kí èèyàn dúró lé lórí. Èkíní ni ọjọ́ tí ìwé ìṣirò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ pé ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ni wọ́n kọ sí orí ìwé náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ ni 30 ọjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe gbà á ní ọjọ́ 26, ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ló máa parí. Onílé tó bá gbọ́n á kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó gbé ìwé wá sẹ́yìn àpòòwé, kò sì ní ju àpòòwé náà nù. Bó bá jẹ́ ìmọ́tò tàbí aṣọ́lé ló gbà á fún un, kí ó bi ẹni náà léèrè kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Èkejì ni pé iye kan pàtó wà nínú ìwé náà tí òun gbà pé òun jẹ. Ìwé tó kàn sọ pé iye yín kò tọ́ láìsọ èyí tó tọ́ kò fún òṣìṣẹ́ ní ohun tó máa fi ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹta ni pé ó ti san iye tó gbà náà. Bí àtakò bá wà nílẹ̀, iléeṣẹ́ owó-orí kì í lépa apá tí ìjà wà lórí rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi parí, ṣùgbọ́n apá tí onílé fúnra rẹ̀ gbà kò ní ààbò yẹn. Ìyà pípẹ́ sanwó, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, pẹ̀lú èlé, lè máa gorí rẹ̀.

Àwọn ìwé tí a so mọ́ ìwé àtakò ló ń gbé e dúró. Fún owó ilé, àdéhùn àwọn ayálégbé márààrún àti rìsíìtì tí wọ́n gbà. Fún káṣọ̀nù, ibi tí àdéhùn ti sọ pé onílé máa dá a padà. Bí àdéhùn kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ìṣòro wà, nítorí pé owó tí onílé kì í dá padà owó tirẹ̀ ni. Fún owó tó yá, ìwé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó fọwọ́ sí i àti ọjọ́ tí owó náà wọ báǹkì. Fún àtúnṣe, rìsíìtì àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Nàìjíríà ni a wà. Púlọ́ńbà àti kapẹ́ńtà púpọ̀ kì í kọ rìsíìtì, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ yọ owó náà lọ́jọ́ iwájú á ra ìwé rìsíìtì kékeré kan fúnra rẹ̀, á kọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe àti iye rẹ̀ sí i, á sì ní kí oníṣẹ́ náà fọwọ́ sí i kó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Sísan owó náà láti báǹkì sí báǹkì tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Owó ìtọ́jú ilé gba ìfura púpọ̀. Òṣìṣẹ́ owó-orí mọ̀ pé àwọn onílé kan máa ń sọ apá kan owó ilé di owó ìtọ́jú kí ó má bàa wọ ìṣirò. Ohun tó máa ń tẹ́ ẹ lọ́rùn ni ìwé ìnáwó tó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀: oṣù mélòó ni wọ́n ra dísẹ̀lì, lítà mélòó, iye tí wọ́n ń san fún ọlọ́dẹ lóṣooṣù, rìsíìtì kólẹ̀kólẹ̀. Bí ₦1,200,000 bá wọlé tí ₦1,050,000 sì jáde, ₦150,000 tó kù lè di owó tí wọ́n máa bu owó-orí lé, àyàfi bó bá hàn pé ó wà nínú àpò àwọn ayálégbé fún ọdún tó ń bọ̀. Àkáǹtì báǹkì lọ́tọ̀ fún owó ìtọ́jú ilé á ti mú gbogbo àríyànjiyàn yìí kúrò.

Fúláàtì tó ṣófo náà ṣòro láti fi hàn, torí pé èèyàn kò lè fọwọ́ tọ́ka sí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Wọ́n á sọ pé kí ló fa á tí fúláàtì fi máa wà lófo ní Èkó tí gbogbo ènìyàn ń wá ilé. Fọ́tò páìpù tó bẹ́ àti sílíìnì tó wó, rìsíìtì ohun èlò àtúnṣe, àti mítà iná tí kò yí ní oṣù méjìlá ni ẹ̀rí tó lágbára. Ìwé ìrajà káàdì iná fún mítà fúláàtì náà máa ń sọ òtítọ́ ju ẹnu àwọn aládùúgbò lọ.

Nípa ìdá mẹ́wàá tí iléeṣẹ́ ìsàlẹ̀ yọ, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onílé ti ń pàdánù owó tí wọ́n ti san. Iléeṣẹ́ kan lè yọ owó náà kó má sì san án fún ìjọba. Òmíràn lè san án ní orúkọ àjẹ́ńtì tàbí ní orúkọ ilé, tí kò fi ní hàn sábẹ́ nọ́ńbà onílé. Lẹ́tà tí iléeṣẹ́ náà kọ pé òun yọ ọ́ kò tó. Rìsíìtì tó fi hàn pé owó náà dé ọwọ́ ìjọba, pẹ̀lú orúkọ onílé lórí rẹ̀, ni wọ́n máa gbà. Ìgbà tí wọ́n bá ń san owó ilé ni ó yẹ kí onílé ti béèrè rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí ìwé ìṣirò bá dé.

Irú ọ̀ràn mìíràn kan wà tó wọ́pọ̀ láàárín wa: ilé ogún. Bàbá kú, ó fi ilé sílẹ̀ fún ọmọ márùn-ún, ọ̀kan tó ń gbé nítòsí ló ń gba owó ilé fún gbogbo wọn, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lórí àkáǹtì. Wọ́n á bu owó-orí lé òun nìkan lórí gbogbo owó náà, á sì gòkè dé ìpele tó ga nítorí pé gbogbo rẹ̀ wà lórí ẹnì kan. Bí ìwé ìhágún tàbí ìwé ilé-ẹjọ́ tó fún wọn láṣẹ lórí ogún náà bá sọ pé ti àwọn márààrún ni, tí ìwé báǹkì sì fi hàn pé ó ń pín owó fún wọn ní ti gidi, ìpín tirẹ̀ nìkan ló yẹ kí ó dáhùn fún. Bí kò bá pín in, tó kàn ń sọ pé ìdílé ló ni ín, ọwọ́ rẹ̀ kò ní lè ru ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀dà méjì ni onílé máa ń gbé lọ sí ọ́fíìsì. Wọ́n á gba ọ̀kan, wọ́n á sì lu sítáḿpù pẹ̀lú ọjọ́ sí èkejì, èyí tó máa mú lọ sílé. Sítáḿpù yẹn ni ẹ̀rí pé kò pẹ́. Ẹni tó bá fi í ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ayélujára gbọ́dọ̀ tọ́jú ìdáhùn tó gbà pé ó ti dé. Onílé tó bá wà lókè òkun, bíi Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí ìwé dé, tàbí tó wà ní ilé ìwòsàn, lè béèrè pé kí wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú, nítorí pé òfin gbà pé àìsí nílé, àìsàn tàbí ìdí mìíràn tó bọ́gbọ́n mu lè dí èèyàn lọ́wọ́. Ó ní láti fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn, bíi ìwé ìrìnnà tàbí ìwé dókítà.

Lẹ́yìn náà, wọ́n sábà máa ń pe onílé kó wá jókòó tì wọ́n, kí wọ́n ka àwọn iye náà pọ̀ ní ẹsẹ ẹsẹ. Bí wọ́n bá gbà, wọ́n á fún un ní ìwé ìṣirò tuntun. Ó yẹ kó ka ìyẹn náà dáadáa, nítorí pé ó lè ṣẹlẹ̀ pé wọ́n tún owó ilé ṣe kí wọ́n sì gbàgbé ₦120,000. Bí wọn kò bá gbà, wọ́n á fún un ní ìwé tó sọ pé àwọn kọ̀ láti yí i padà. Ìwé kíkọ̀ yìí ló ń ṣí ilẹ̀kùn ẹjọ́. Láti ọjọ́ tó gbà á, ó ní 30 ọjọ́ mìíràn láti gbé ọ̀rọ̀ lọ sí Ìgbìmọ̀ Ìgbẹ́jọ́ Owó-orí tí òfin ọdún 2007 dá sílẹ̀, tó máa ń jókòó ní Èkó àti ní Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn ibòmíràn. Ó lè lọ fúnra rẹ̀ tàbí kó rán oníṣirò owó tàbí agbẹjọ́rò. Bí kò bá ṣe èyí, iléeṣẹ́ owó-orí lè lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga láti gba àṣẹ kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá rẹ̀ nítorí gbèsè náà.

Fún owó ilé tó wọlé láti ọdún 2026, iye àti ìpele ti yàtọ̀. ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó-orí rárá, wọ́n sì ti mú owó ìdẹ̀rùn àtijọ́ kúrò. Ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ló bẹ̀rẹ̀ lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá méjìdínlógún sì wà lórí ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé ìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń tako ìṣirò ọdún tó kọjá gbọ́dọ̀ fi òfin ọdún náà ṣe ìṣirò tirẹ̀, kó má fi ti ọdún tuntun ṣe é nítorí pé ó kéré jù. Ìwé ẹ̀rí pé èèyàn ti san owó-orí, èyí tí wọ́n máa ń béèrè níbi ìwé ilẹ̀ àti iṣẹ́ ìjọba, ọdún mẹ́ta tó kọjá ló ń bò. Bí ìṣirò ọdún kan bá wà tí a kò tíì tún ṣe, òun ló máa dá ìwé náà dúró. Kí onílé so ìwé ìṣirò tuntun, rìsíìtì ₦416,480 àti ẹ̀dà ìwé àtakò tó ní sítáḿpù pọ̀ mọ́ra, nítorí pé ẹni tó bá máa bá a ṣe ìwé ẹ̀rí ọdún tó ń bọ̀ á fẹ́ rí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.